Bí a ṣe ń wá pàrámítà Z sákíìtì T, tí a sì ń fi wọ́n mọ fóltéèjì tó máa jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìdánwò ni mo kó jọ síbí. Sákíìtì kan ṣoṣo ni a ó lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí nọ́ńbà kan lè máa jẹ́rìí nọ́ńbà kejì. Rẹsítọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: 100 Ω, 220 Ω àti 330 Ω. Orísun iná 10 V tó ní 50 Ω nínú ara rẹ̀ ni a so mọ́ ọn lósì, ẹrù tó wà lọ́tùn-ún sì jẹ́ rẹsítọ̀ 470 Ω. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni fóltéèjì tó máa wà lórí ẹrù yẹn kí a tó tan iná rárá.

Kí ni sákíìtì T, kí sì ni ìtumọ̀ "ẹlẹ́nu méjì"?

Ẹ ya lẹ́tà T sórí ìwé. 100 Ω wà ní apá òsì rẹ̀, 220 Ω wà ní apá ọ̀tún, 330 Ω sì ni ẹsẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ dé wáyà ilẹ̀. Wáyà ilẹ̀ yìí gba ìsàlẹ̀ kọjá láti òsì dé ọ̀tún.

Ibi tí wáyà méjì bá ti yọ síta tí a lè so nǹkan mọ́ ni à ń pè ní ẹnu. Ẹnu kìn-ín-ní wà lósì, láàárín orí apá òsì àti wáyà ilẹ̀. Ẹnu kejì wà lọ́tùn-ún bákan náà. Àdéhùn kan wà lórí ẹnu tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: iye kọ́rẹ́ǹtì tó bá gba wáyà òkè wọlé gbọ́dọ̀ gba wáyà ìsàlẹ̀ ẹnu kan náà jáde. Bí àdéhùn yìí bá ti yẹ̀, bí àpẹẹrẹ bí ẹnìkan bá so wáyà kan láti orí ẹnu kìn-ín-ní lọ sí orí ẹnu kejì láti ìta, gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí kò bá sákíìtì náà mu mọ́.

Kí ni pàrámítà Z mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ fún wa?

Wọ́n ń sọ bí fóltéèjì ẹnu méjèèjì ṣe gbára lé kọ́rẹ́ǹtì tó ń wọ ẹnu méjèèjì. Ìlà méjì péré ni:

```
V1 = Z11*I1 + Z12*I2
V2 = Z21*I1 + Z22*I2
```

Ẹ má ka Z21 sí "Z mọ́kànlélógún". Z méjì-ọ̀kan ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ẹnu tí a ti wọn fóltéèjì, èkejì sì ni ẹnu tí kọ́rẹ́ǹtì gbà wọlé. Nítorí náà, Z21 ń dáhùn ìbéèrè yìí: bí mo bá ti kọ́rẹ́ǹtì wọ ẹnu kìn-ín-ní, fóltéèjì mélòó ni màá rí ní ẹnu kejì fún áńpíà kọ̀ọ̀kan? Fóltéèjì tí a fi kọ́rẹ́ǹtì pín ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi jẹ́ óòmù.

Ẹ tún kíyè sí i pé I1 àti I2 jọ ń *wọlé* ni. Ọfà méjèèjì kọjú sínú sákíìtì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń wá, a ó sì padà dé ibẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa rí wọn láti inú àwòrán?

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kejì sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ohunkóhun má ṣe so mọ́ ọn. I2 ti di òdo nìyẹn. Kọ́rẹ́ǹtì tó bá wọ ẹnu kìn-ín-ní yóò gba 100 Ω, yóò sì gba 330 Ω sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀, torí kò sí ọ̀nà mìíràn fún un. Nítorí náà Z11 jẹ́ 100 + 330, ìyẹn 430 Ω.

Fóltéèjì wo ló wà ní ẹnu kejì lákòókò yìí? Kọ́rẹ́ǹtì kankan kò gba 220 Ω kọjá, nítorí náà kò sí fóltéèjì tó ń já sórí rẹ̀. Ohun tó wà lórí ẹsẹ̀ T gan-an ló hàn ní ẹnu kejì, ìyẹn 330 Ω ní ìsọdipúpọ̀ I1. Z21 jẹ́ 330 Ω. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu pé 220 Ω kò sí nínú Z21 rárá.

Ẹ wá yí i padà. Ẹ ṣí ẹnu kìn-ín-ní sílẹ̀, kí ẹ ti kọ́rẹ́ǹtì wọ ẹnu kejì. Z22 jẹ́ 220 + 330, ìyẹn 550 Ω, Z12 sì tún jẹ́ 330 Ω. Fún sákíìtì T èyíkéyìí, ẹsẹ̀ T ni Z12 àti Z21, apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ sì ni Z11 àti Z22. Ẹ kò nílò láti há fọ́múlà kankan sórí bí ẹ bá lè fojú inú rí ọ̀nà tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà.

Bí sákíìtì bá wà nínú àpótí tí mi ò lè ṣí ńkọ́?

Níbẹ̀ ni pàrámítà Z ti wúlò jù. Ìgbésẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n mítà ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ojú wa ṣe lórí àwòrán. Ẹ fi 5 V sí ẹnu kìn-ín-ní, kí ẹ fi ẹnu kejì sílẹ̀. Ẹ wọn I1, kí ẹ sì wọn V2. Nínú sákíìtì wa, ẹ ó rí nǹkan bí 11.63 mA àti 3.84 V. Ẹ pín 5 V pẹ̀lú 11.63 mA, 430 Ω ni. Ẹ pín 3.84 V pẹ̀lú 11.63 mA, 330 Ω ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé 5 V lọ sí ẹnu kejì. I2 yóò jẹ́ 9.09 mA, V1 yóò sì jẹ́ 3 V, tó fún wa ní 550 Ω àti 330 Ω.

Ibi tí ẹ ti wọn fóltéèjì ṣe pàtàkì gidigidi. Etí ẹnu sákíìtì gan-an ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà lé, kì í ṣe orí orísun iná. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ka 10 V tí wọ́n kọ sára orísun, tó fi kọ́rẹ́ǹtì 20.8 mA pín in, tó sì rí 480 Ω gẹ́gẹ́ bí Z11. 50 Ω inú orísun ló ti wọ inú rẹ̀ yẹn. Nígbà tó bá dé orí ìṣirò, yóò tún fi 50 Ω kún un, fóltéèjì tó ń sọ tẹ́lẹ̀ yóò sì já sí 3.59 V dípò 4.07 V. Irú àṣìṣe yìí burú torí pé nọ́ńbà náà kò jọ irọ́.

Ohun méjì wà tí ẹ lè fi yẹ ìwọ̀n yín wò lójú ẹsẹ̀. Àkọ́kọ́, bí rẹsítọ̀, kapásítọ̀ àti kọ́ìlì nìkan ló wà nínú àpótí náà, Z12 gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú Z21. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 330 tí èkejì jẹ́ 290, ẹ tún un wọ̀n. Èkejì, ẹ yọ Z12 kúrò nínú Z11 àti nínú Z22. Ohun tó kù ni apá T méjèèjì, 100 àti 220. Nínú sákíìtì T tó jẹ́ rẹsítọ̀ nìkan, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ òdo.

Ṣé mo lè ṣọ́ọ̀tì ẹnu kejì dípò kí n ṣí i sílẹ̀?

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ẹ ń wọ̀n. Bí ẹ bá ṣọ́ọ̀tì ẹnu kejì, 220 Ω àti 330 Ω di ẹgbẹ́ ara wọn, wọ́n sì di 132 Ω papọ̀. Ohun tí ẹ ó rí ní ẹnu kìn-ín-ní jẹ́ 232 Ω. Pàrámítà Y ni ìwọ̀n yẹn wà fún. Bí ẹ bá kọ 232 sí ipò Z11, ẹ ti da ìdílé méjì pọ̀. Pàrámítà Z, ẹnu ṣíṣí. Pàrámítà Y, ẹnu tí a ṣọ́ọ̀tì.

Mo ti rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Báwo ni mo ṣe máa mọ fóltéèjì orí ẹrù?

Àwọn kan máa ń bi mí pé, níwọ̀n bí a ti wọn Z nígbà tí ẹnu ṣí sílẹ̀, ṣé a ṣì lè lò wọ́n nígbà tí ẹrù bá ti wà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣíṣí ẹnu jẹ́ ọgbọ́n tí a fi yọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlà méjì tó wà lókè yẹn kò yí padà, ohunkóhun tí a bá so mọ́ ẹnu méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìlà méjì kò tó, torí ohun mẹ́rin ni a kò mọ̀: V1, V2, I1, I2. Orísun fún wa ní ìlà kẹta, ẹrù fún wa ní ìkẹrin. Vs ni 10 V orísun, Zs ni 50 Ω inú rẹ̀, ZL sì ni ẹrù 470 Ω:

```
V1 = Vs - Zs*I1
V2 = -ZL*I2
```

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú ZL wá láti inú ọfà tí a sọ ṣáájú. I2 ń wọ sákíìtì, nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú ẹrù kọjá láti òkè sísàlẹ̀ ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Òdìkejì ara wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Ìlà orísun àti ìlà kìn-ín-ní papọ̀ di 10 = 480·I1 + 330·I2. Ìlà ẹrù àti ìlà kejì papọ̀ di 0 = 330·I1 + 1020·I2. Láti inú èyí tó kẹ́yìn, I2 jẹ́ ìyọkúrò 0.3235·I1. Ẹ fi í sínú ti àkọ́kọ́: 480 yọ 106.76 jẹ́ 373.24, nítorí náà I1 jẹ́ 26.79 mA. I2 wá jẹ́ ìyọkúrò 8.67 mA. Fóltéèjì orí ẹrù ni 470 ní ìsọdipúpọ̀ 8.67 mA, ìyẹn 4.07 V.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ́múlà kan ṣoṣo, òun nìyí:

```
V2 = Z21*ZL*Vs / ((Z11+Zs)*(Z22+ZL) - Z12*Z21)
```

Lókè, 330 × 470 × 10 jẹ́ 1,551,000. Nísàlẹ̀, 480 × 1020 yọ 108,900 jẹ́ 380,700. Ìdáhùn náà ni 4.074 V.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ gba ọ̀nà mìíràn tí kò ní Z nínú. 220 àti 470 tẹ̀léra, 690 ni. 690 ní ẹgbẹ́ 330 di 223.2. Fóltéèjì tó wà níbi tí apá T ti pàdé jẹ́ 10 × 223.2 ÷ 373.2, ìyẹn 5.98 V. Ìpín tirẹ̀ tó dé orí 470 jẹ́ 4.07 V. Ọ̀nà méjèèjì pàdé. Lórí sákíìtì kékeré báyìí, ọ̀nà kejì yá jù, mi ò ní sọ pé kò yá. Àǹfààní Z hàn nígbà tí a bá ń pààrọ̀ ẹrù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tàbí nígbà tí inú àpótí kò hàn síta.

Ìdáhùn mi jẹ́ 22 V. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ gbàgbé àmì ìyọkúrò lórí ẹrù. Bí ẹ bá kọ V2 = 470·I2, ìlà kejì yóò di 0 = 330·I1 + 80·I2, nígbà tí ẹ bá sì yanjú rẹ̀, I1 yóò jẹ́ ìyọkúrò 11.3 mA, I2 yóò jẹ́ 46.8 mA, V2 yóò sì jẹ́ 22.0 V gẹ́lẹ́.

Ó rọrùn láti mọ̀ pé irọ́ ni. Rẹsítọ̀ nìkan ló wà nínú sákíìtì yìí, orísun sì jẹ́ 10 V, kò sí bí 22 V ṣe lè jáde níbẹ̀. Ẹ tún wo I1: àmì ìyọkúrò tó ní túmọ̀ sí pé sákíìtì ń dá kọ́rẹ́ǹtì padà sínú orísun, bí ẹni pé bátìrì kan fara pamọ́ sínú ẹrù. Ohun tí ìlà yẹn sì sọ gan-an nìyẹn: ẹ kọ ẹrù tó ń pèsè agbára dípò èyí tó ń gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, nígbàkigbà tí I2 bá jáde ní àmì àfikún pẹ̀lú orísun kan ṣoṣo lósì àti rẹsítọ̀ nìkan, ẹ dúró kí ẹ wo ìlà ẹrù.

Mítà mi ka 6.87 V ní ẹnu ìjáde, ìṣirò sì sọ 4.07 V. Èwo ni òótọ́?

Ó dájú pé ẹrù kò tíì so mọ́ ọn, tàbí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò wọlé dáadáa sínú bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹnu kejì bá ṣí, V2 jẹ́ 330 × 10 ÷ 480, ìyẹn 6.875 V. Òótọ́ ni nọ́ńbà méjèèjì, ipò tí sákíìtì wà ló yàtọ̀.

Ohun tó fà á tí fóltéèjì fi wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tọ́ sí kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Lójú ẹrù, orísun àti sákíìtì T lápapọ̀ dà bí orísun tuntun kan: fóltéèjì rẹ̀ jẹ́ 6.875 V, ó sì ní ìdènà kọ́rẹ́ǹtì tirẹ̀ nínú, èyí tí à ń pè ní ìmípídáǹsì. Ọgbọ́n yìí ni Thévenin, onímọ̀ tẹligíráàfù ará Faransé, tẹ̀ jáde lọ́dún 1883. Pàrámítà Z fún wa ní ìmípídáǹsì yẹn tààrà:

```
Zout = Z22 - Z12*Z21/(Z11+Zs)
```

Ó jẹ́ 550 yọ 226.875, ìyẹn 323.1 Ω. Ẹrù 470 Ω wá ń pín 6.875 V pẹ̀lú 323.1 Ω: 6.875 × 470 ÷ 793.1 jẹ́ 4.07 V. Ọ̀nà kẹta rèé tó dé ibì kan náà. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù nígbà tí ẹrù bá ń yí padà, torí nọ́ńbà méjì péré ni mo ní láti gbé dání. Bí ẹ bá fi 1000 Ω rọ́pò 470 Ω, ẹ lè ṣe é lójú ẹsẹ̀: 6.875 × 1000 ÷ 1323.1, nǹkan bí 5.20 V.

Mo so ẹrù dáadáa, mítà sì ka 3.93 V. Ṣé ìṣirò mi kùnà ni?

Rárá. Ẹ wo àmì ara rẹsítọ̀ yín. Bí ìlà wúrà bá wà níparí, ó lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n kọ lọ tàbí kéré sí i. 330 Ω lè jẹ́ 313.5, ó sì lè jẹ́ 346.5. Mo ṣe ìṣirò ibi tó burú jù lọ́nà méjèèjì, tí mo fi orísun sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí apá méjèèjì bá kéré jù tí ẹsẹ̀ T àti ẹrù bá tóbi jù, V2 jẹ́ 4.32 V. Bí ó bá yí padà, V2 jẹ́ 3.82 V. Ohunkóhun tó bá bọ́ sáàárín wọn kò ya èèyàn lẹ́nu.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìsọtẹ́lẹ̀ yín sún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi mítà wọn rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so wọ́n, tàbí kí ẹ lo Z tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n, kì í ṣe èyí tí ẹ kà láti ara àwọ̀ rẹsítọ̀. Ṣùgbọ́n bí mítà bá ka 3.3 V, tàbí 4.8 V, rẹsítọ̀ kan ti bọ́ sí ipò òmíràn. Ẹ wo àwọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i: 220 àti 330 jọra lójú nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ T bá jẹ́ kapásítọ̀ ńkọ́?

Fọ́múlà kò yí padà, nọ́ńbà ló di oníbejì: apá gidi àti apá j. Ẹ jẹ́ kí a yọ 330 Ω kúrò, kí a fi kapásítọ̀ 0.47 µF sípò rẹ̀, kí orísun sì jẹ́ iná ayípadà 10 V ní 1026 Hz. Ní ìwọ̀n ìyípo yẹn, ìmípídáǹsì kapásítọ̀ náà jẹ́ −j330 Ω. Mo dìídì yan án bẹ́ẹ̀, kí títóbi rẹ̀ lè bá rẹsítọ̀ tí a yọ dọ́gba.

Z11 di 100 − j330, Z22 di 220 − j330, Z12 àti Z21 sì di −j330. Ìsàlẹ̀ fọ́múlà wá jẹ́ 103,500 − j277,200, tí títóbi rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 295,900. Òkè rẹ̀ ṣì jẹ́ 1,551,000 ní títóbi. V2 jẹ́ 5.24 V, ó sì ń tẹ̀lé orísun lẹ́yìn pẹ̀lú igun 20.5°.

Ẹ wò ó: 330 ni lẹ́sẹ̀ T nínú sákíìtì méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan fún wa ní 4.07 V, èkejì fún wa ní 5.24 V. Ẹni tó bá kọ 100 + 330 sí Z11 torí pé "títóbi ni mo lò" yóò rí 4.07 V lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì máa bá mítà jà. Ẹ má fi títóbi kún títóbi. Ẹ tún rántí pé àwọn Z yìí jẹ́ ti 1026 Hz nìkan. Ní 50 Hz, kapásítọ̀ kan náà ju 6,700 Ω lọ, fóltéèjì orí ẹrù sì di 5.59 V, bí ẹni pé ẹsẹ̀ T kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè ṣe é fún mi?

Ìlà díẹ̀ ní Python tó. Za àti Zb ni apá T òsì àti ọ̀tún, Zc sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀:

```python
Zs, ZL, Vs = 50, 470, 10
Za, Zb, Zc = 100, 220, -330j
D = (Za+Zc+Zs)*(Zb+Zc+ZL) - Zc*Zc
V2 = Zc*ZL*Vs/D
print(abs(V2))
```

Yóò tẹ nǹkan bí 5.24 jáde. Ẹ yí `-330j` sí `330`, yóò tẹ nǹkan bí 4.074. Ẹ fi ọwọ́ ṣe ti rẹsítọ̀ ná kí ẹ tó gbára lé ti kapásítọ̀. Bí ti rẹsítọ̀ kò bá bára mu, àṣìṣe wà nínú ohun tí ẹ tẹ̀.

Ṣé sákíìtì kan wà tí kò ní pàrámítà Z?

Ó wà. Ẹ gé ẹsẹ̀ T kúrò, kí 100 àti 220 nìkan tẹ̀léra láti ẹnu dé ẹnu. Bí ẹ bá ṣí ẹnu kejì, kọ́rẹ́ǹtì tó wọ ẹnu kìn-ín-ní kò ní ibi tó máa gbà, I1 jẹ́ òdo, ẹ kò sì lè fi òdo pín nǹkan. Pàrámítà Z kò sí fún sákíìtì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ ń gba iná dáadáa. Pàrámítà Y ni kí ẹ lò.

Lórí tábìlì, èyí máa ń hàn ní ọ̀nà kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá ń wọn àpótí kan tí I1 kéré débi pé mítà ń ka 0.00 mA, 0.01 mA, 0.00 mA, tí V2 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú V1, ẹ má pín wọn. Ẹsẹ̀ T inú àpótí náà ti já, tàbí kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ọ̀tì ẹnu kejì kí ẹ tún kọ́rẹ́ǹtì wọ̀n. Bí 5 V bá fún yín ní nǹkan bí 15.6 mA, 320 Ω nìyẹn: apá T méjèèjì wà nípò, ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ ní láti lọ wá.